Kárósẹ́ẹ̀lì mi lórí bí a ṣe ń fọ àdìrẹ: ọ̀rọ̀ kún un jù, ẹ bá mi gé e

Aláró Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Lọ́dọọdún, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti kọjá nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, tí àlejò ti ra aṣọ lọ sílé, ìpè ni mo máa ń gbà: "Mà, aró yọ sára aṣọ ọkọ mi." "Mà, aṣọ yín ti ṣá." Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ṣe kárósẹ́ẹ̀lì kan fún Ínsítágíráàmù, ìyẹn àwòrán tó tò tẹ̀ lé ara wọn tí wọ́n ń fi ìka fà, lórí bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ. Sílàìdì mẹ́jọ ni. Mo fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní fóònù pé kó bá mi wò ó. Ó fà á dé ìkẹta, ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Mà, ó ti pọ̀ jù." Ó dùn mí, torí kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò wúlò. N kò mọ èyí tí n bá gé.

Sílàìdì àkọ́kọ́ nìyí:

> Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà. Lónìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè máa fọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yín kí ó má baà ṣá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ẹ̀bi aṣọ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fọ̀ ọ́ ló fà á.

Ìkẹta nìyí:

> Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kò dára kí ẹ da àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá jù lọ aṣọ funfun, nítorí pé aró tí kò wọ inú òwú dáadáa yóò yọ sínú omi, yóò sì ràn mọ́ àwọn aṣọ yòókù. Omi tútù ni kí ẹ lò, ẹ má lo omi gbígbóná rárá, ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ sì fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo bílíìṣì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù rí. Ìkejì sọ ìtàn àdìrẹ ní Òṣogbo, títí kan bí Yùnẹ́sìkò ṣe kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ìkẹrin ní kí wọ́n má sá aṣọ sínú oòrùn. Ìkarùn-ún wà lórí bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Ìkẹfà tún padà sórí oòrùn. Ìkeje, bí wọ́n ṣe ń kó o pamọ́. Ìkẹjọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà mi. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ayétòrò

Kò le rárá, mà. Ẹ la sílàìdì kọ̀ọ̀kan sí méjì. Mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún. Mẹ́wàá ni Ínsítágíráàmù ń gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2024 wọ́n ti sọ ọ́ di ogún, àyè wà. Èyí tí kò bá ṣeé là, ẹ dín fọ́ǹtì rẹ̀ kù díẹ̀, á gba inú rẹ̀.

Bàbá Atẹ̀wé

Ọmọ mi, má gé nǹkan kan. Mo ti ń tẹ ìwé ní ìlú yìí tipẹ́. Iye kan náà ni bébà, ì báà kún, ì báà ṣófo. Ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ lọ́jà á mú un délé, á fara balẹ̀ kà á. Tí o bá fi àyè sílẹ̀, owó lo fi ṣòfò yẹn. Mélòó lo fẹ́ tẹ̀?

Aláró Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Kì í ṣe ti bébà, sà. Orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, ìka ni wọ́n á máa fi fà á láti ọ̀kan sí èkejì.

Ọmọ Ayétòrò, mo gbìyànjú ohun tí o wí lálẹ́ àná. Mẹ́rìndínlógún náà ló jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á fúnra mi, ìkẹjọ ni ó ti sú mi. Èmi tí mo kọ ọ́ o.

Ayàwòrán Ọláìyá

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn oníṣọ̀ọ́bù ní agbègbè Ọláìyá níbí nìyí, irú ọ̀rọ̀ yín sì ni mo máa ń bá pàdé jù. Ẹni tó ní ẹ là á sí méjì, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́, torí sílàìdì kẹta yín nílò lílà. Ṣùgbọ́n tí a bá la gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò dín kù, a kàn tẹ́ ẹ gùn ni. Ti fọ́ǹtì dídínkù sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ má tíì gé ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ mú bébà, ẹ kọ 1 sí 8 sí i, ẹ wá kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹni tó kà á fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí iwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mo ní ohun tí á fi ọwọ́ ṣe, kì í ṣe ohun tí sílàìdì náà dá lé lórí. Tí ẹ bá kọ "oòrùn", ẹ ò tíì kọ nǹkan kan. "Á sá a sábẹ́ òjìji" ni ẹ máa kọ. Ẹ ṣe é, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Aláró Òkè-Fìà

Mo ti ṣe é. Ojú tì mí díẹ̀. Ní iwájú 2, n kò rí nǹkan kan kọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ìtàn yẹn fọ aṣọ. Ní iwájú 3, nǹkan mẹ́ta ni mo kọ: á dá a fọ̀, á lo omi tútù, á fi bílíìṣì sílẹ̀. 4 àti 6, ohun kan náà ni: á sá a sábẹ́ òjìji. Mo kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn o, ó wù mí. Òun ló ń jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé aṣọ yìí kì í ṣe aṣọ lásán.

Ayàwòrán Ọláìyá

Mo mọ̀ pé ó wù yín, mà, ó sì dára. Ẹ fi ṣe kárósẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ lọ́sẹ̀ míì. Àmọ́ ibi tó wà báyìí ni ibi tó burú jù tí ẹ lè fi í sí, ìdí rẹ̀ sì rèé. Tí ènìyàn bá kọjá lórí sílàìdì àkọ́kọ́ yín tí kò fà á, Ínsítágíráàmù lè tún gbé e wá síwájú rẹ̀ nígbà míì, ìkejì ló sì máa ń fi hàn án nígbà náà. Ìkejì yín gbọ́dọ̀ dá dúró bí ẹni pé òun ni àkọ́kọ́. Ẹni tí aró yọ sára aṣọ ọkọ rẹ̀, tó wá bá ìtàn Igbó Ọ̀ṣun pàdé, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lẹ fẹ́ sọ. Ẹ gbé èyí tó ń dun àwọn ènìyàn jù wá síbẹ̀, ìyẹn aró tó ń yọ.

Ó ku ìkẹta. Ẹ jẹ́ ká jọ gé e. Mo ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, 82 ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, "Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé", ẹnu ọ̀nà lásán ni. A máa ń sọ ọ́ tí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, kó lè mọ̀ pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fa sílàìdì ti mọ̀ pé nǹkan tuntun dé. Ẹ gé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọ̀rọ̀ láti "nítorí pé" títí dé "yòókù", àwòrán lè sọ ọ́ jù yín lọ. Ẹ bu omi sí báàfù funfun kan, ẹ ki àdìrẹ tuntun bọ̀ ọ́, ẹ yà á nígbà tí omi bá ti di búlúù. Ẹni tó bá rí omi yẹn kò nílò kí a ṣàlàyé fún un mọ́. Tí ẹ bá tún fẹ́ kó mọ ìdí, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ó ń gba lẹ́tà 2,200, àyè yẹn tó gbogbo ohun tí a gé.

Aláró Òkè-Fìà

Mo gé e. Ẹ wò ó:

> Ẹ dá a fọ̀. Omi tútù. Ẹ má lo bílíìṣì.

Ìyá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Aró ni mo fi tọ́ wọn. Ohun tí o kọ yìí, irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ṣé títí ayé ni wọn ó máa dá a fọ̀? Ta ló ní omi tó tó bẹ́ẹ̀? Ó wà nínú ti àkọ́kọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ ni, o ti gé e dànù.

Ìgbà àkọ́kọ́ náà gan-an kò tó. Aṣọ mìíràn á fọ omi búlúù lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́ sí ni. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi ni pé kí wọ́n dá a fọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Iyọ̀ náà, kí wọ́n fi sí omi àkọ́kọ́.

Ayàwòrán Ọláìyá

Ẹ ṣé púpọ̀, Mà. Ibi tí gígé ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an lẹ tọ́ka sí yẹn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "àkọ́kọ́", "títí", "àyàfi", "tí ó bá", wọ́n máa ń dà bí èyí tí a lè yọ, torí wọn kò lárinrin. Àwọn gan-an ló sì ń sọ ibi tí òfin bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Tí mo bá ti gé sílàìdì kan tán, mo máa ń ka tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ pọ̀, mo máa ń bi ara mi pé: ẹni tó bá ṣe bí tuntun ṣe wí gẹ́lẹ́, ṣé yóò ṣe ohun tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní kó ṣe? Ẹni tó bá ń dá àdìrẹ fọ̀ fún ọdún mẹ́ta ti ṣe ohun tí Àǹtí Aláró kò rán an.

Ìdí rèé tí ìkẹta fi nílò lílà sí méjì. Dídá a fọ̀ ní ìgbà tó máa ń parí. Omi tútù àti fífi bílíìṣì sílẹ̀ kò ní òpin. Tí méjèèjì bá wà lójú kan, lábẹ́ "ìgbà àkọ́kọ́", ẹlòmíràn á rò pé lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ òun lè da omi gbígbóná lé e. Èmi á ṣe é báyìí:

> Ẹ dá a fọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́.

pẹ̀lú àwòrán báàfù. Lẹ́yìn náà, sílàìdì tirẹ̀:

> Nígbà gbogbo: omi tútù, ọṣẹ tí kò le. Ẹ má fi bílíìṣì kàn án.

Láti 82, a ti dé 10 àti 14. Ọ̀rọ̀ Ìyá ni ìdajì rẹ̀.

Tíṣà Alẹ́kùwodò

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní tèmi. Mo máa ń fi àkọsílẹ̀ bàọ́lọ́jì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì mi bí àwòrán, wọ́n á máa fà á. Mo gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí nígbà kan, mo gé e di ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn ọmọ bínú. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kà fún ìdánwò mọ́. Mo dá a padà sí bó ṣe wà, inú wọn dùn. Nítorí náà, n kò gbà pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ burú nígbà gbogbo.

Ayàwòrán Ọláìyá

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jàre lórí tiyín. Àwọn ọmọ yín mọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n sì máa ń tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù láti padà kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Oníbàárà Àǹtí Aláró kò wá nǹkan kan. Ó ń wo àwòrán ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni sílàìdì yìí já lù ú. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òǹkàwé tí ẹ ní. Ẹ tún lè fi sílàìdì kan ṣoṣo sẹ́yìn tó kó gbogbo ìtọ́jú jọ, kí ẹni tó bá fẹ́ yà á pamọ́. Ìyẹn lè kún díẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò

N kò gba ti sílàìdì ẹ̀yìn yẹn. Tí ohun gbogbo bá wà níbẹ̀, kí la wá ń fa èyí tó kù fún? Ẹ sì ní ẹ máa padà sórí fọ́ǹtì.

Ayàwòrán Ọláìyá

Èmi máa ń fi í sí i tí àwọn oníbàárà bá jẹ́ irú tó ń tọ́jú nǹkan. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ yọ ọ́, kò ba nǹkan jẹ́.

Fọ́ǹtì: kánfáàsì tí ẹ ń lò fẹ̀ ní píkísẹ́ẹ̀lì 1080, ó ga ní 1350. Ojú fóònù púpọ̀ máa ń fún un pọ̀ di nǹkan bí 360 ní fífẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́tà tí ẹ fi 30 kọ lórí kánfáàsì, bí 10 ni ojú oníbàárà yóò rí i. Lórí kọ̀ǹpútà ó tóbi dáadáa, ohun tó sì ń tan gbogbo wa jẹ nìyẹn. Èmi kì í lọ sísàlẹ̀ 45 fún ohun tí mo bá fẹ́ kí ènìyàn kà. Tí ọ̀rọ̀ kò bá gba inú sílàìdì ní 45, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló pọ̀, kì í ṣe fọ́ǹtì ló tóbi.

Bàbá Atẹ̀wé

Ó ti wá yé mi báyìí, fóònù ni. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi mọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì yàtọ̀ níbí. Nígbà tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀ tán, tí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, ẹ má fún ìlà mọ́ ara wọn. Yorùbá ní àmì lórí, ó ní àmì nísàlẹ̀. Tí àlàfo ìlà bá jẹ́ 1.0, ẹsẹ̀ "ọ̀" tàbí "ṣ" tó wà lókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ orí "í" tó wà nísàlẹ̀, ojú á dàrú. 1.4 ni mo máa ń fún un. Ẹ tún wo fọ́ǹtì náà dáadáa. Àwọn kan kò ní "ẹ́" àti "ọ̀". Ẹ̀rọ á lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, ẹ óò rí i pé lẹ́tà kan sanra láàárín àwọn yòókù, tàbí àmì rẹ̀ á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. `Noto Sans` kì í já mi kulẹ̀ lórí èyí.

Aláró Òkè-Fìà

Bàbá, ẹ kú àánú mi! Ohun tó ń ṣe "fọ̀" mi nìyẹn látìgbà yìí. Mo rò pé ojú mi ni. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ti di mẹ́fà. Àkọ́kọ́: "Aró àdìrẹ yín ń yọ? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́." Ìkejì ni báàfù omi búlúù. Ìkẹta, omi tútù. Ìkẹrin: "Ẹ sá a sábẹ́ òjìji, ẹ yí inú rẹ̀ síta." Ti lílọ̀ àti ti ìtọ́jú ti bọ́ sí ojú kan, torí ohun kan náà ni mo kọ síwájú àwọn méjèèjì lórí bébà: wọn ò ní jẹ́ kí ooru tàbí oòrùn kan ojú aṣọ. Ìkẹfà, nọ́ńbà mi. Àlàyé aró àti òwú ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. N kò tíì fi iyọ̀ sí i, Mà. Mo ti dán an wò lọ́dọ̀ mi, n kò rí ìyàtọ̀ nínú omi ti oníyọ̀ àti ti aláìníyọ̀.

Ìyá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn. Wá sọ́dọ̀ mi, a ó jọ fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o kò kí ènìyàn mọ́? Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, "Aró àdìrẹ yín ń yọ?" Bí ẹni tó wọlé onílé láìkàn án.

Ọmọ Ayétòrò

Mà, orí Ínsítágíráàmù kò sí ẹni tó ń dúró gba ìkíni. Kí ìkí náà tó parí, wọ́n ti kọjá lọ.

Ayàwòrán Ọláìyá

Mo máa ń fi ìkíni sí ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. "Ẹ" tó wà nínú "ẹ dá a fọ̀" náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n gé e láti sọ ọ́ di "dá a fọ̀". Lẹ́tà kan péré ni, ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún Ìyá pé ìyẹn tó.

Aláró Òkè-Fìà

Ọ̀rọ̀ Ìyá wọ̀ mí lára. Mo ṣì ń rò ó.

Mo tún fún ọmọ yẹn ní fóònù ní àárọ̀ yìí, níta, nínú oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti wò ó. Mo ní kó fà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà. Mo bi í léèrè ohun tó rántí. Ó ní, "Omi búlúù. Kí n dá a fọ̀ títí omi á fi mọ́. Kí n má fi bílíìṣì." Ó dánu dúró díẹ̀, ó ní, "Kí n sá a sínú ilé."

Òjìji ni mo kọ, òun ń sọ inú ilé. Mo wo àwòrán ìkẹrin náà dáadáa: inú yàrá ni mo ti yà á, lórí àga. Lọ́la màá mú okùn kan, màá ta á sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, màá tún un yà.